Lẹ́tà rídọ́ńdánsì fún ẹnì kan péré: ìdí tó fi kan òun, nótíìsì àti owó tó máa gbà

Ọmọ Kúbwà
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Irin àti sìmẹ́ńtì ni ilé-iṣẹ́ wa ń tà ní Ìdú, níbí ní Àbújá. A ti ti stọ́ọ̀ wa ní Kúbwà pa ní 30 oṣù Kẹrin 2025. Àwọn akọ̀wé stọ́ọ̀ jẹ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, méjì péré la nílò báyìí. Ọ̀gá ní ẹni tó wọlé ní 2019 ni kí n kọ lẹ́tà fún, kì í ṣe ẹni tó wọlé ní 2022, torí ẹni ìkẹyìn yẹn mọ kọ̀ǹpútà jù ú lọ. Ohun tí mo kọ rèé: "Nítorí àtúntò ilé-iṣẹ́, àti nítorí pé ẹ máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a kò nílò yín mọ́ láti òní lọ. Àkáǹtì yóò san ẹ̀tọ́ yín fún yín." Ṣé ó tó? Kí ni mo gbọ́dọ̀ kọ nípa ìdí tó fi jẹ́ òun, nípa nótíìsì àti nípa owó?

Oníṣòwò Wúsè
Ó ti pọ̀ jù gan-an ni. Ilé-iṣẹ́ àdáni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ lè ní kó máa lọ nígbàkígbà, bó bá ṣáà ti fún un ní nótíìsì. Fún un ní owó oṣù kan, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí o bá kọ lé e ni lọ́yà rẹ̀ máa fi bá yín jà lọ́la.

Alàgbà Gwárínpá
Oníṣòwò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ ibi tó ti ṣiṣẹ́ kọ́ nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kàn fẹ́ fòpin sí àdéhùn pẹ̀lú nótíìsì, ohun tí àwọn kóòtù wa ń sọ tipẹ́tipẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti ọmọ yìí yàtọ̀. Iṣẹ́ ló dín kù, òṣìṣẹ́ sì ṣẹ́kù; ohun tí à ń pè ní rídọ́ńdánsì nìyẹn. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ̀rọ̀ sí ìyẹn gan-an, ohun mẹ́ta ló sì béèrè: kí o sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa gbòòrò tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ, àyàfi bí ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbọ́kàn lé bá fi hàn pé ẹlòmíì ló yẹ, kí o sì sa gbogbo ipá rẹ láti jókòó sọ̀rọ̀ lórí owó tí ẹni tó ń lọ máa gbà.

Àbúrò, má tíì fún ọkùnrin yẹn ní lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára wọn tan lo so pọ̀. Pípẹ́ dé jẹ́ ẹ̀sùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni, ó yẹ kó ti gba kúẹ́rì, kó sì ti fèsì. Títì stọ́ọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí o bá kọ méjèèjì sínú lẹ́tà kan, ẹni tó bá kà á máa rò pé ẹ̀sùn ni ìdí gidi, pé ẹ kàn fi rídọ́ńdánsì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló sì máa sọ fún adájọ́.

Àdúkẹ́ Kánò
Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánò ni mo wà, mi ò ní dárúkọ wọn. "Àtúntò" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá sórí àga mi gan-an, iṣẹ́ kan náà, orúkọ ipò ni wọ́n yí padà. Mi ò pẹjọ́, mi ò lówó lọ́yà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí mi pé iṣẹ́ báyìí báyìí ló ti parí, mo lè ti fi lẹ́tà náà mú wọn. Ọmọ Kúbwà, ṣé ẹ kò ní gba ẹlòmíì lẹ́yìn tó bá lọ?

Ọmọ Kúbwà
Rárá, ẹ̀gbọ́n, a ò ní gba ẹnikẹ́ni. Stọ́ọ̀ kan ló kù.

Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ti pípẹ́ dé yẹn, ẹnu lásán ni ọ̀gá fi ń bá a wí, kò sí kúẹ́rì kankan. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ohun tó kù tó lè wúlò rèé: 4 oṣù Kẹta 2019 ló wọlé. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦140,000; ₦90,000 nínú rẹ̀ ni owó ìpìlẹ̀, ₦30,000 jẹ́ ti ilé, ₦20,000 jẹ́ ti ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ wa sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó ń lọ máa gba "owó ìpìlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó pé". Ìdú ló wà. Ẹni tó wọlé ní 2022 ló wà ní Kúbwà.

Alàgbà Gwárínpá
Ahà. O rí i pé ẹni tó wọlé ní 2022 ló wà ní stọ́ọ̀ tí ẹ tì! Èèyàn tó wà ní Ìdú máa béèrè pé, "Stọ́ọ̀ Kúbwà lẹ tì, kí ló wá kan èmi?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí lẹ́tà kò bá dáhùn rẹ̀, ìyókù kò wúlò.

Nítorí náà, kọ́kọ́ sọ àwọn tí ẹ jọ gbé yẹ̀ wò, àti ìdí rẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ẹ sì máa ń gbé wọn láti Ìdú lọ sí Kúbwà àti láti Kúbwà bọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni Kúbwà kò kúrò ní Kúbwà rí, ọ̀ràn yín le.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe òun ló wọlé kẹ́yìn. Má fi pa mọ́, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wá sọ ohun tó mú kí ẹ kọjá ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́. "Ó mọ kọ̀ǹpútà" kò tó, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Kí ni kọ̀ǹpútà náà ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Ṣé ẹ kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìwé wo ló wà tó fi hàn pé ọ̀kan mọ̀ ọ́n ju èkejì lọ, ṣé ìwé náà sì ti wà ṣáájú kí ẹ tó pinnu láti ti stọ́ọ̀? Àyẹ̀wò iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lé èèyàn, gbogbo wa la mọ òórùn rẹ̀.

Ọmọ Kúbwà
A máa ń gbé wọn kiri dáadáa, ìwé ìṣípò wà lọ́wọ́. Oṣù Kìn-ín-ní 2024 la gbé ìwé stọ́ọ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn wá. Nínú àyẹ̀wò iṣẹ́ oṣù Kejìlá 2024, ó wà níbẹ̀ pé ọkùnrin yìí ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kí ẹlòmíì tó bá a tẹ̀ ẹ́, pé ohun tó kọ àti ohun tó wà nílẹ̀ kò sì bára mu ní oṣù mẹ́rin nínú ọdún náà. Ó buwọ́ lù ú. Ẹni 2022 kò ní irú rẹ̀ kankan.

Alàgbà Gwárínpá
Ìyẹn lohun tí mo ń wá. Wò bí mo ṣe máa kọ ọ́, ìwọ ló máa gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì:

"A ti ti stọ́ọ̀ Kúbwà pa ní 30 oṣù Kẹrin 2025. Ipò akọ̀wé stọ́ọ̀ tó jẹ́ mẹ́ta ti di méjì. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ wà ní ipò yìí la gbé yẹ̀ wò, nítorí iṣẹ́ kan náà lẹ ń ṣe, a sì máa ń gbé yín láti stọ́ọ̀ kan dé èkejì. Ọjọ́ tí kálukú wọlé la kọ́kọ́ wò, a sì mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ wọlé kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà la wo bí kálukú ṣe ń ṣe ìwé stọ́ọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà láti oṣù Kìn-ín-ní 2024. Àyẹ̀wò oṣù Kejìlá 2024 tí ẹ fọwọ́ sí la fi ṣe ìdíwọ̀n fún gbogbo yín. Orí rẹ̀ la ti pinnu pé ipò yín ni yóò lọ. Kì í ṣe nítorí ẹ̀sùn kankan."

Má dárúkọ àwọn méjì yòókù, má sì kọ ohun tí wọ́n gbà nínú àyẹ̀wò. Tirẹ̀ nìkan ni kó rí.

Ìyá Ìbejì Nyányá
Èmi ni mo ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ wa. Ti nótíìsì rọrùn: ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fọwọ́ sí, kó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa máa ń fi déètì ọjọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, kó má baà fa gùn.

Alàgbà Gwárínpá
Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Abala 11 to nótíìsì lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe pẹ́ tó: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí kó tó pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí ti lé ní ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní 2019, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ṣì lè gbé e. Báyìí, oṣù kan ni. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta ló wà nínú àdéhùn ni, oṣù mẹ́ta náà ni ẹ máa fún un.

Ti déètì, ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ máa kà láti ibẹ̀. Ẹ ní kó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan pé òun gbà á, kó kọ déètì sí i. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì kọ ọ́ pé wọ́n fún un lójú àwọn. Mo ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ déètì ọjọ́ 15 sí, tí èèyàn rí gbà lọ́jọ́ 30, tí wọ́n ní nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ti parí kó tó kà á tán. Ẹ̀tàn ni.

Àbúrò, kọ ọjọ́ tó máa lò kẹ́yìn síbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bó bá gba lẹ́tà ní ọjọ́ Ajé 2 oṣù Kẹfà 2025, 2 oṣù Keje 2025 lọjọ́ ìkẹyìn. Yọ "láti òní lọ" kúrò.

Oníṣòwò Wúsè
Akọ̀wé stọ́ọ̀ tẹ́ ẹ ti sọ fún pé ó ń lọ, tẹ́ ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́ fún oṣù kan? Ẹ kò mọ èèyàn. Ẹ san owó nótíìsì fún un kó máa lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Alàgbà Gwárínpá
Ìyẹn dáa, òfin gbà á láyè, bí òun náà bá gbà á. Ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sí lẹ́tà pé owó ni ẹ san dípò nótíìsì, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé nótíìsì kò sí rárá.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń ṣe àkáǹtì sọ̀rọ̀ sí owó, torí "Àkáǹtì yóò san ẹ̀tọ́ yín" yẹn ni wọ́n máa ń fi kó wàhálà bá wa. Ẹni náà á wá sí wíńdò wa, a ò mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un, òun náà ò mọ̀.

Ẹ ya owó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí èèyàn lè rí bí ẹ ṣe dé ibẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ títí di 2 oṣù Keje, owó oṣù rẹ̀ tó pé, ₦140,000, ló ń gba lọ, pẹ̀lú ti ọjọ́ méjì inú oṣù Keje. Bó bá jẹ́ pé ẹ san dípò nótíìsì, òfin sọ pé owó ìpìlẹ̀ nìkan la fi ń ṣírò rẹ̀, kò ka àláwáǹsì mọ́ ọn, ìyẹn ₦90,000. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá wá gbowó ló máa tó mọ̀ pé ₦140,000 kọ́ ló ń bọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni owó rídọ́ńdánsì. Ọdún mẹ́fà ló pé, láti oṣù Kẹta 2019 dé oṣù Kẹta 2025. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ tó lé kò wọlé, torí ìwé ìlànà yín sọ pé "tó pé". Ọ̀sẹ̀ méjì wá dà? Àwọn kan máa ń pín oṣù sí méjì: ₦45,000 lọ́nà mẹ́fà, ₦270,000. Àwọn mìíràn máa ń ṣe owó ọdún, ₦1,080,000, kí wọ́n pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, kí wọ́n mú méjì níbẹ̀: ₦41,538, lọ́nà mẹ́fà, ₦249,231. Ìyàtọ̀ wọn lé ní ₦20,000. Èyí wù kí ẹ mú, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà ṣírò rẹ̀ sínú lẹ́tà.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìsinmi ọdún tí kò tíì lò, àti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa wọ àkáǹtì rẹ̀. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ kí nótíìsì tó parí tàbí lọ́jọ́ tó bá parí.

Alàgbà Gwárínpá
Èmi máa mú ₦270,000. Nígbà tí ọ̀rọ̀ inú ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ bá ní ìtumọ̀ méjì, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa kà á lé lórí.

Ọmọ Ìlọrin
Kò dá mi lójú, Alàgbà. "Ọ̀sẹ̀" ni wọ́n kọ, wọn kò kọ "ìdajì oṣù". Bí mo bá san ₦270,000, ọ̀dítọ̀ máa bi mí pé níbo ni mo ti rí i.

Bàbá Ṣadé
Ẹ̀yin ọmọdé, kí lẹ ń ṣírò kiri? Owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Nígbà tí èmi fẹ̀yìn tì ní mínísítírì, owó tí mo gbà lẹ́ẹ̀kan ló tó mi kọ́ ilé. Kó lọ gba pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, ó ti tó o.

Àdúkẹ́ Kánò
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Owó pẹ́ńṣọ̀n jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ rẹ̀ àti ìdá mẹ́wàá láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́. Bí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí kò bá ríṣẹ́ ló tó lè béèrè ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin yẹn gùn, èmi ti jẹ ẹ́. Ẹ kàn kọ ọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ pé ẹ máa san ìpín yín títí di ọjọ́ ìkẹyìn, torí ti tèmi, wọ́n jẹ oṣù mélòó kan mọ́lẹ̀.

Bàbá Ṣadé
Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo rò pé mínísítírì ni.

Ìyá Ìbejì Nyányá
Alàgbà, ìbéèrè kan. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibi kékeré bíi tiwọn. Ta ni wọ́n máa sọ fún? Tí iye owó kò bá sì sí nínú ìwé ìlànà ńkọ́?

Alàgbà Gwárínpá
Ti owó ní èsì: òfin kò dá iye kan lé e. Mínísítà ló lágbára láti ṣe ìlànà tó máa sọ ọ́ di dandan. Níwọ̀n bí kò bá ti sí ìlànà bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ bá jọ jókòó sọ tàbí ohun tí ẹ ti kọ síwèé ni. Nínú ẹjọ́ Píjò ti Kàdúná tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá ní 1997, wọ́n sọ pé rídọ́ńdánsì dá dúró láyè ara rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe ìlénijáde, ohun tí àdéhùn bá sì ka fún ẹni tí rídọ́ńdánsì kàn ló ní ẹ̀tọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìlànà yín fi ṣe pàtàkì, Ọmọ Kúbwà. Bí kò bá sí nǹkan kan rárá nínú ìwé, ẹ pè é, ẹ sọ iye tí ẹ ní, ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀.

Ti aṣojú, ojú mi kò tíì rí ìdájọ́ kan tó là á fún ibi tí ẹni mẹ́wàá péré ń ṣiṣẹ́. Èmi máa ń ní kí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà jọ, kí wọ́n sọ ìdí àti iye ẹni tó kàn, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ṣe é kí o tó kọ lẹ́tà, àbúrò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Oníṣòwò Wúsè
Òfin yẹn kì í sì í ṣe fún gbogbo èèyàn o. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni. Mánéjà kò sí níbẹ̀.

Alàgbà Gwárínpá
Òótọ́ lo sọ, ó yẹ kí n ti tọ́ka sí i. Abala 91 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé stọ́ọ̀ ni èyí, ó wà nínú rẹ̀. Bó bá ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń darí, wọ́n lè jiyàn. Ṣé ó ní?

Ọmọ Kúbwà
Kò ní. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. A máa pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní ọjọ́rú. Ibi owó tí mo tún kọ rèé: "Ọjọ́ ìkẹyìn yín ni 2 oṣù Keje 2025, ìyẹn nótíìsì oṣù kan láti ọjọ́ tí ẹ gba lẹ́tà yìí. Ẹ óò gba owó oṣù yín títí di ọjọ́ náà. Owó rídọ́ńdánsì yín jẹ́ ₦270,000: ìdajì owó ìpìlẹ̀ oṣù kan, ₦45,000, fún ọdún mẹ́fà tó pé, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà. Owó ìsinmi ọjọ́ márùn-ún wà lọ́tọ̀. Ìpín pẹ́ńṣọ̀n yóò wọlé títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ yóò wọ àkáǹtì yín ní 2 oṣù Keje, bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé pé ẹ kò ní bá ilé-iṣẹ́ ṣẹjọ́."

Alàgbà Gwárínpá
Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, láti "bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé", yọ ọ́. Owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ fún àti ìsinmi rẹ̀ kò ṣeé dè mọ́ ìwé kankan. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ìwé ìgbẹ́jọ́sílẹ̀, kó fi owó kún ohun tó wà nílẹ̀, kó fún un láyè kó fi han lọ́yà rẹ̀. Ìyókù ti dáa.

Ọmọ Ìlọrin
Àti ₦270,000 yẹn, ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe túmọ̀ "ọ̀sẹ̀ méjì". Èmi ṣì rò pé ₦249,231 ni.

Ọmọ Kúbwà
Mo ti yọ gbólóhùn yẹn. Ọ̀gá ní òun máa bi lọ́yà lórí ti ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa padà wá sọ ohun tó bá sọ.